Ínfọ́ìsì inú Excel tó ń ṣírò ẹ̀dínwó àti VAT fúnra rẹ̀

Báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́fà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní ọ̀nà Ọba Adésìdà, ní Àkúrẹ́. Ilé ìwé kan láti Oǹdó gbé iṣẹ́ ayẹyẹ wọn wá: báńà, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò, àti owó àwòrán tí a máa yà sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ ínfọ́ìsì rẹ̀. Nígbà tó dé ìdí báńà, ó pa fọ́múlà ibẹ̀ rẹ́, ó tẹ "18,000 náírà" sí i, ó ní kí oníbàárà lè rí i kedere ni. Excel ò pariwo rárá. Ohunkóhun tí lẹ́tà bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni lójú Excel, kì í ṣe owó. Nígbà tí `SUM` wá ń kó owó jọ, ó fo báńà kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ilé ìwé san iye tó wà lójú ìwé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Alẹ́ Sátidé tí mo jókòó ti ìwé owó ni mo rí i pé a ti fi báńà tọrẹ.

Kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ pe ilé ìwé padà pé ẹ tún mú owó wá, nígbà tó jẹ́ pé àwa fúnra wa la kọ ìwé tí wọ́n san. Láti ìgbà yẹn ni mo ti tún ínfọ́ìsì wa ṣe láti ìpìlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ò ní nǹkan kan í ṣe ju kó tẹ orúkọ iṣẹ́, iye rẹ̀ àti owó ẹyọ kan lọ. Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Excel ni mo fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn fọ́múlà náà ò yàtọ̀ nínú Google Sheets, kódà lórí fóònù.

Ẹ kọ́kọ́ pín ojú ìwé

Ẹ ṣí ìwé tuntun. Àpótí ni màá máa pe ojú kéékèèké tí ìlà àti òpó pín sí, bíi A1 tàbí E26. Ìlà kìíní dé ìkẹsàn-án jẹ́ ti orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, àdírẹ́sì, orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà ínfọ́ìsì àti ọjọ́. Ẹ tò wọ́n bó ṣe wù yín. Mi ò ní lo àkókò lórí àwọ̀ àti lẹ́tà. Ẹlòmíì á fi odindi ọ̀sán kun orí ìwé ní àwọ̀ búlúù, kó tó dé ìdí owó ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ní ìlà kẹwàá, ẹ kọ àkọlé àwọn òpó. A ni nọ́ńbà, B ni iṣẹ́, C ni iye, D ni owó ẹyọ kan, E ni àpapọ̀ ìlà náà. Láti ìlà 11 dé 25 ni iṣẹ́ máa wà, ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó pọ̀ tó. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ̀wé, iṣẹ́ tó kọjá ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ínfọ́ìsì kan kò pọ̀, èyí tó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, mo máa ń pín in sí ínfọ́ìsì méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí apá ọ̀tún, ní òpó H, níbi tí ìwé tí ẹ máa tẹ̀ fún oníbàárà kò ní dé. Ẹ kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí sí òpó G, kí òǹkà wọn wà nínú H: H2 ni VAT, H3 ni ẹ̀dínwó tí a fi pásẹ́ǹtì ṣe, H4 ni ẹ̀dínwó tó jẹ́ náírà gbọọrọ. Ibẹ̀ ni gbogbo òǹkà tó lè yí padà máa gbé, kò sì gbọdọ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn tí ẹ máa tẹ̀ sínú fọ́múlà.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020. Pásẹ́ǹtì márùn-ún ni VAT wà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló di 7.5. Èmi tí mo ti tẹ 0.05 sínú fọ́múlà ní oríṣiríṣi fáìlì, ńṣe ni mo ń wá wọn kiri bí ẹni ń wá owó ẹyọ nínú ìyẹ̀pẹ̀, mo sì gbàgbé ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé H2 nìkan ló wà, ìṣẹ́jú àáyá kan ni.

Kí ẹ tó tẹ òǹkà sí H2, ẹ kọ́kọ́ sọ àpótí náà di ti pásẹ́ǹtì, ẹ tẹ àmì `%` tó wà lókè, kí ẹ tó wá tẹ 7.5. Ẹni tó bá tẹ 7.5 lásán sínú àpótí tí kì í ṣe ti pásẹ́ǹtì, 750 pásẹ́ǹtì ló gbà yẹn. Ẹ máa mọ̀ kíá, torí VAT á tóbi ju ọjà lọ: lórí iṣẹ́ 304,000, ẹ máa rí VAT 2,280,000. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún H3.

Ọ̀rọ̀ kan rèé kí n tó tẹ̀ síwájú. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gba VAT. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún un ló ń gbà á, owó ìjọba ló sì gbà sọ́wọ́, kì í ṣe èrè rẹ̀. Tí ẹ ò bá forúkọ sílẹ̀, ẹ fi 0 sí H2, kí ẹ fi àwòṣe yìí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó ń ṣe ìwé owó orí yín ni kí ẹ bi léèrè ibi tí ẹ wà. Ẹ má bi ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiyín, torí ọjà tó ń tà lè máà jẹ́ irú tiyín.

Fọ́múlà ìlà iṣẹ́

Nínú E11, ẹ tẹ èyí:

```
=IF(OR(C11="",D11=""),"",ROUND(C11*D11,2))
```

Ohun tó ń sọ ni pé: tí iye tàbí owó ẹyọ kan bá ṣófo, má kọ nǹkan kan, tí méjèèjì bá wà, sọ wọ́n di púpọ̀, kí o sì gé e sí kọ́bọ̀. Ẹ di igun ìsàlẹ̀ E11 mú, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé E25. Apá `IF` yẹn ni kì í jẹ́ kí òdo kún ojú ìwé níbi tí iṣẹ́ ò sí.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni `ROUND` ń ṣe níbẹ̀, ṣebí Excel fúnra rẹ̀ máa ń fi kọ́bọ̀ méjì hàn. Òótọ́ ni pé ó ń fi hàn, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi hàn yàtọ̀ sí ohun tó mú dání. Ẹ wo báńà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7.5 sí 3.25. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 24.375. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 315 náírà, owó báńà náà á jẹ́ 7,678.125. Ojú ìwé á kọ 7,678.13, ìdajì kọ́bọ̀ yẹn ṣì wà nínú. Tí oníbàárà bá ní irú báńà bẹ́ẹ̀ méjì lórí ìlà méjì, Excel á kó wọn jọ sí 15,356.25. Akápò tó bá gbé ẹ̀rọ ìṣirò, tó ro ohun tó fojú rí, á ní 15,356.26. Kọ́bọ̀ kan ni, kò lè ra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti dá ínfọ́ìsì padà nítorí rẹ̀, tí owó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ sí i, torí akápò náà gbà pé ìwé tí kò bára mu, ọwọ́ ti wọ inú rẹ̀. Tí `ROUND` bá wà, ohun tí ojú rí ni ohun tí Excel ń kó jọ.

Ẹ lè tẹ ìwọ̀n báńà sí òpó C tààrà, bíi `=7.5*3.25`, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní òpó D, òǹkà nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Àmì náírà kò sí lára ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Excel fi sí i. Ẹ yan D11 dé E32, ẹ tẹ `Ctrl+1`, ẹ lọ sí `Custom`, kí ẹ fi èyí síbẹ̀:

```
"₦"#,##0.00
```

Ibi tí ẹ̀dínwó ń gbé

Ìdí ínfọ́ìsì la dé yìí. Àwọn fọ́múlà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀. E31 nìkan la fi sílẹ̀, torí àsansílẹ̀ ni ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ síbẹ̀.

```
E26  =SUM(E11:E25)
E27  =MIN(E26,ROUND(E26*H3,2)+H4)
E28  =E26-E27
E29  =ROUND(E28*H2,2)
E30  =E28+E29
E32  =E30-E31
```

Ẹ má tẹ orúkọ àpótí tó wà lápá òsì o, láti ibi àmì `=` ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. E26 ni àpapọ̀ iṣẹ́, E27 ni ẹ̀dínwó, E28 ni ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó, E29 ni VAT, E30 ni gbogbo owó, E32 ni àṣẹ́kù. `MIN` tó wà nínú E27 kì í jẹ́ kí ẹ̀dínwó ju ọjà lọ. Nígbà kan, ẹnì kan fẹ́ tẹ 5,000 ó tẹ 500,000 sí H4, ínfọ́ìsì sì ń sọ pé àwa la jẹ oníbàárà lówó.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ ilé ìwé yẹn dán an wò. Owó àpẹẹrẹ ni mo lò, ẹ má gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́fà, ìyẹn 60, ní 300 jẹ́ 18,000. Kàlẹ́ńdà 200 ní 850 jẹ́ 170,000. Ìwé ètò 300 ní 400 jẹ́ 120,000. Owó àwòrán ẹyọ kan, 12,000. E26 á kọ 320,000. A fún wọn ní ẹ̀dínwó pásẹ́ǹtì márùn-ún, nítorí náà H3 jẹ́ 5%, E27 á sì kọ 16,000. E28 di 304,000. VAT orí rẹ̀ jẹ́ 22,800, gbogbo owó sì jẹ́ 326,800. Wọ́n ti san 200,000 sílẹ̀, ó ku 126,800.

Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì ní Alágbàká sọ pé òun máa ń fi VAT lé ọjà kí òun tó yọ ẹ̀dínwó, pé ibi kan náà ló já sí. Mo ní kó bá mi rò ó. 320,000 pẹ̀lú VAT jẹ́ 344,000. Pásẹ́ǹtì márùn-ún nínú ìyẹn jẹ́ 17,200. Ó ku 326,800. "Ṣé ẹ rí i?" ló ń wí. Mo rí i lóòótọ́, àpapọ̀ kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kó wo ìlà VAT rẹ̀: 24,000 ló kọ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 304,000 ni ọjà tó tà, VAT orí rẹ̀ sì jẹ́ 22,800. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gba 1,200 tí òun kò gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ìwé yẹn náà ló sì máa wà nínú fáìlì tí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Tó bá wá jẹ́ ẹ̀dínwó náírà gbọọrọ, àpapọ̀ náà ò ní bára mu mọ́. Ẹ yọ 16,000 lẹ́yìn VAT, 328,000 ló kù, oníbàárà san 1,200 lé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ti mọ ẹ̀dínwó kí ẹ tó kọ ínfọ́ìsì, ẹ yọ ọ́ kí VAT tó wọlé. Bí E27 ṣe wà lókè E29 gan-an nìyẹn.

Oníbàárà tó ní "gbogbo rẹ̀ lápapọ̀"

Irú oníbàárà yìí pọ̀. Ẹ ti nájà tán, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, 215,000 ni mo ní, VAT wà nínú rẹ̀ o." Ẹ gbà. Ohun tí àwọn mìíràn máa ṣe ni pé wọ́n á ṣírò pásẹ́ǹtì 7.5 nínú 215,000, ìyẹn 16,125, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ní ọjà jẹ́ 198,875. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí owó ọjà ni VAT ti jáde, kì í ṣe orí owó tí a ti fi VAT kún. Ẹ pín in ni:

```
=ROUND(215000/(1+H2),2)
```

200,000 ló máa gbé wá, VAT sì jẹ́ 15,000. Ẹ fi VAT 7.5 lé 198,875, ẹ máa rí i pé kò lè dé 215,000 láéláé. Mo ní àpótí kan ní H8 tí mo máa ń tẹ irú owó bẹ́ẹ̀ sí, H9 á sì sọ iye ọjà fún mi pẹ̀lú fọ́múlà `=ROUND(H8/(1+H2),2)`. Ohun tó bá kọ ni mo máa fi wéwèé owó ẹyọ kan ní òpó D. Ó lè ku kọ́bọ̀ kan tàbí méjì nígbà míì, pàápàá tí iṣẹ́ bá pọ̀. Mo máa ń fi ẹ̀dínwó H4 tún un ṣe.

Ẹ̀ṣọ́ fún ìlà tó bá sá

Kí báńà mìíràn má bàa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi ẹ̀ṣọ́ sí H6:

```
=IF(COUNTA(B11:B25)=COUNT(E11:E25),"Ó pé","Ẹ YẸ̀ Ẹ́ WÒ")
```

`COUNTA` ń ka ìlà tí ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ sí, `COUNT` ń ka ìlà tó ní owó gidi. Ọ̀rọ̀ ò sí lára ohun tí `COUNT` ń kà. Tí ẹnì kan bá tún tẹ "18,000 náírà" sí òpó E, iṣẹ́ á jẹ́ mẹ́rin, owó á jẹ́ mẹ́ta, H6 á sì pariwo. Ọmọ iṣẹ́ tó bá tẹ 3,5OO pẹ̀lú lẹ́tà O dípò òdo sí òpó D, `#VALUE!` ló máa rí, ìyẹn náà á sì dé H6. Ẹ tún máa wo apá tí òǹkà fara tì: òǹkà máa ń sún mọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ máa ń sún mọ́ òsì. Òǹkà tó bá lọ fara ti òsì, ẹ fura sí i.

Mo ṣírò ohun tí báńà yẹn gbà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ẹ̀dínwó ti bọ́ lórí rẹ̀, nítorí náà ọjà tó sọnù jẹ́ 17,100. Ṣùgbọ́n VAT orí rẹ̀, 1,282.50, èmi ni mo fi owó àpò mi dí i.

Ẹ wá ti ilẹ̀kùn. Ẹ yan àwọn àpótí tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn nìkan, ìyẹn ibi orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà àti ọjọ́, B11 dé D25, E31, H3, H4 àti H8. Ẹ tẹ `Ctrl+1`, ẹ lọ sí `Protection`, ẹ yọ àmì tó wà níwájú `Locked`. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí `Review`, kí ẹ tẹ `Protect Sheet`. Nínú Google Sheets, inú `Data` ni `Protect sheets and ranges` wà. H2 kò sí lára ohun tí mo ṣí sílẹ̀, ẹ ti rí i. Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọjọ́, fáìlì, àti ohun tí oníbàárà gbà

Má fi `=TODAY()` sí ibi ọjọ́. Ó dùn ún wò lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Tí ẹ bá ṣí fáìlì náà lóṣù mẹ́ta sí i láti fi béèrè owó, ọjọ́ òní ló máa wà lórí rẹ̀, oníbàárà á sì ní gbèsè náà kò tíì pé ọjọ́ kan. Ẹ tẹ `Ctrl+;` dípò rẹ̀, ọjọ́ á wọlé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Kí oníbàárà má bàa rí òpó G àti H, ẹ yan A1 dé E32, ẹ lọ sí `Page Layout`, `Print Area`, `Set Print Area`. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú àwòṣe náà, ẹ lo `Save As`, kí ẹ yan `Excel Template (*.xltx)`. Tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i, ẹ̀dà tuntun ló máa ṣí, àwòṣe fúnra rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Google Sheets ò ní èyí. `Make a copy` ni kí ẹ máa lò, kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kankan.

Ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fáìlì tirẹ̀, tí H2 tirẹ̀ wà nínú. Tí ìjọba bá tún yí VAT padà, inú àwòṣe nìkan ni ẹ ti máa tún un ṣe, àwọn ti àtijọ́ á sì mú iye tí wọ́n fi ṣe wọ́n dání. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì ni mo fi ń sọ fáìlì lórúkọ, bíi 2026-014, kó lè tò tẹ̀léra nínú fódà.

Oníbàárà ò gbọdọ̀ gba fáìlì Excel. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Mo ti fi Excel ránṣẹ́ rí, ó padà wá pẹ̀lú H3 tó ti di pásẹ́ǹtì mẹ́wàá, onítọ̀hún sì ń bi mí pé ṣé kì í ṣe bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó kọ ínfọ́ìsì gidi àkọ́kọ́, ẹ tẹ ìlà mẹ́rin ilé ìwé Oǹdó yẹn sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dínwó márùn-ún. Tí E32 ò bá kọ 126,800 lẹ́yìn àsansílẹ̀ 200,000, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti E26 wálẹ̀, àpótí kan lẹ́yìn èkejì, títí ẹ fi máa dé ibi tí òǹkà yín àti tèmi ti pínyà.